Búrẹ́dì Tó Gba Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Nígbà tí Oyèlárán kọ́kọ́ rí máàkì náà lójú fóònù rẹ̀, ohun tó rò ni pé pọ́tàlì ilé-ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tún ti bẹ̀rẹ̀ wèrè tó máa ń ṣe. Ó pa á, ó tún un ṣí. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà ló wà níbẹ̀. Ó fi etí aṣọ nu ojú fóònù, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àfi bíi pé ìmọ́lẹ̀ ìta á sọ mẹ́ta náà di mẹ́jọ fún un. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ó wá rí olùkọ́ ní ọ́fíìsì.

Ó jókòó sórí páálí bébà tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fọtokọ́pì. Ká ní iṣẹ́ ìṣirò ló ti fìdí rẹmi ni, ì bá gbà fún Ọlọ́run, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ètò òwò, èyí táwọn ọmọ ń pè ní plánì, kẹ̀? Ta ló mọ ètò òwò kọ ju Oyèlárán lọ ní gbogbo Lágere?

Ẹni tó bá mọ ọkùnrin yìí á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kà á láyà tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ agbo ilé kan ní Ìrẹ́mo, ní Ilé-Ifẹ̀, ni. Nígbà tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò sí owó láti tẹ̀síwájú, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀, láti ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin tó ń dún gbàgà-gbàgà títí kọ̀ǹpútà fi dé. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Lágere, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí yunifásítì, ó sì sọ ọ́ di bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan sunkún wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní wọ́n ní kí àwọn kọ ètò òwò, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa gbà á, kò sì tíì kọ ọ̀rọ̀ kan. Àánú ṣe Oyèlárán. Ó ní ìwé pẹlẹbẹ kan nípa òwò adìyẹ tí báńkì kan pín nígbà kan rí, ó fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú rẹ̀, ó fi tirẹ̀ kún un, ó ya àwòrán adìyẹ sí èèpo ẹ̀yìn, ó sì fi rọ́bà roboto dì í ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ náà gba máàkì tó dùn. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún ọ̀rẹ́.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Plánì. Bí àsìkò àtigba iṣẹ́ bá ti ń sún mọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìwé adìyẹ kan ṣoṣo yẹn ló ń sọ di ẹja, tó ń sọ di ọṣẹ, tó ń sọ di ìgbín àti omi inú ọ̀rá. Á pààrọ̀ orúkọ, á pààrọ̀ àdúgbò, á pààrọ̀ àwòrán ẹ̀yìn ìwé. Kò rí i bí ìwà burúkú. Lójú tirẹ̀, ó ń ran ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ni, owó ilé ṣọ́ọ̀bù sì ń ti ibẹ̀ jáde.

Fàrídà ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ló tì í wọ yunifásítì nígbẹ̀yìn. "Dádì Ayọ̀mídé," ló máa ń wí, "gbogbo ayé lẹ ń bá kàwé. Ìgbà wo lẹ máa kà tiyín?" Ó fi ìwé ẹ̀rí dípúlómà tó rọra kà gbà nídìí iṣẹ́ wọlé, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún láàrin àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè é ní Bàbá. Ó ń gbìyànjú. Nígbà tí wọ́n wá dé ọdún kẹta, tí wọ́n ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ìdásílẹ̀ òwò, kí oníkálukú sì kọ ètò òwò tirẹ̀, Oyèlárán rẹ́rìn-ín lókè lókè. Kò lọ sí kíláàsì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣí ìwé adìyẹ inú kọ̀ǹpútà, ó ní kí ẹ̀rọ náà fi búrẹ́dì sí ibi gbogbo tó bá ti rí adìyẹ, ó fún ilé búrẹ́dì náà lórúkọ, ó dì í pẹ̀lú èèpo tó ń dán, ó mú un lọ fún olùkọ́, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí pọ́tàlì. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló bí.

Ó lọ sí ọ́fíìsì náà pẹ̀lú ìbínú. Dókítà Lágúnjú ni olùkọ́ náà, obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí díẹ̀, tó máa ń wọ awò ojú, tí kì í sì í pariwo. Ó ní kí ó jókòó.

"Ẹ káàsán, mà," ni Oyèlárán wí. "Mo wá nítorí máàkì mi. Mo gbà pé àṣìṣe ni."

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ ti ka iṣẹ́ yín lẹ́yìn tí ẹ kọ ọ́ tán?"

"Mo kà á dáadáa, mà."

Dókítà Lágúnjú ṣí ìwé náà sí ibì kan, ó tì í sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ibi tí mo fa ìlà sí. Ẹ kà á sókè."

Oyèlárán gbé ìwé, ó wú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀. "Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a ó fún gbogbo búrẹ́dì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Búrẹ́dì tí ó bá ń húkọ́, a ó yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ó má baà..." Ohùn rẹ̀ dákẹ́. Ó tún un kà nínú, ẹnu rẹ̀ ń mì. Kí ó má baà kó àrùn ran àwọn búrẹ́dì yòókù. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí lókè.

Ó retí pé kí obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"Kì í ṣe nítorí èyí lẹ ṣe gba mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ni Dókítà wí. "Èyí kàn jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ kò kà á ni. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí máàkì gbé lọ." Ó mú bébà tó ń lò láti pín máàkì jáde. "Ọjà nìkan ní ogún máàkì. Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa ra búrẹ́dì yín. Ẹ ní gbogbo ará Ilé-Ifẹ̀ ni. Ẹ mú iye èèyàn ìlú, ẹ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn á máa ra búrẹ́dì yín lójoojúmọ́. Ta ló sọ fún yín?"

"Ìṣirò ni, mà. Gbogbo èèyàn ló ń jẹ búrẹ́dì."

"Ẹni mélòó lẹ bi léèrè? Ẹ bá oníṣọ́ọ̀bù kankan sọ̀rọ̀? Búrẹ́dì ta ni wọ́n ń tà báyìí, èló ni wọ́n ń rà á, ṣé àwìn ni àbí owó ọwọ́, kí ló máa mú kí wọ́n fi èyí tí wọ́n ń tà sílẹ̀?"

Láti ọjọ́ tí Oyèlárán ti ń kọ plánì, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí.

"Ẹ tún kọ ọ́ pé ẹ kò ní abánidíje. Láti ibi tí mò ń gbé dé ọ́fíìsì yìí, mo ń kọjá níwájú ilé búrẹ́dì mẹ́ta. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọ ọ́ pé òun kò ní abánidíje, a mọ̀ pé kò jáde nílé." Ó ṣí ojú ewé mìíràn. "Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, níbi tí ẹ ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ṣókí. Mílíọ̀nù mẹ́ta lẹ ní ẹ fẹ́ yá. Ẹ wá wo ibi tí ẹ ti ṣe ìṣirò owó lẹ́yìn."

Oyèlárán wò ó. Mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ló wà níbẹ̀.

"Ìṣirò owó ló ní máàkì tó pọ̀ jù, ibẹ̀ náà la ti máa ń pàdánù jù. Láti oṣù tí ẹ ṣílẹ̀kùn lẹ ti ń ta gbogbo búrẹ́dì tí iná lè yan, iye kan náà ní oṣooṣù, àfi bíi pé àwọn oníbàárà ti ń sùn síbẹ̀ dè yín. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìsinmi ńkọ́? Ẹ kọ èrè síbẹ̀, ẹ kò fi owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde hàn ní oṣooṣù. Onílé kì í gba owó ní oṣooṣù nílùú yìí, odidi ọdún ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Nínú oṣù kìíní, kí ẹ tó ta búrẹ́dì kan, owó ti tán lápò yín, bẹ́ẹ̀ ìwé yín ní ẹ ń jèrè. Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an, ẹ kò san owó fún ara yín. Epo bẹntiróòlù tí ẹ máa bù sí jẹnẹrétọ̀ sì rèé." Ó fi ìka kàn án. "Ọgọ́jọ náírà ó lé díẹ̀ ni lítà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ilé epo wo nìyẹn? Kí èmi náà lè lọ rà."

Ojú ti Oyèlárán débi pé ó wo ilẹ̀. Iye epo ayé ìjọba àná ni. Kò tún un ṣe rí láti ìgbà yẹn, ọmọ tó sì ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò lóǹkà.

"Ibì kan wà tí ẹ ti gba gbogbo máàkì tó wà níbẹ̀," ni Dókítà wí. "Títẹ̀ rẹ̀ àti dídì rẹ̀. Márùn-ún nínú márùn-ún."

Ó rò pé wọ́n ti parí. Ó ti ń múra àtidìde, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó ní òun á tún un ṣe. Ìgbà yẹn ni Dókítà Lágúnjú yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i.

"Èyí ni ìdí tí mo fi pè yín. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ la máa ń gbé gba inú ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jọ ti ẹlòmíràn, ọdún yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi wé èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń fi wé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níbí tẹ́lẹ̀. Ẹ wo tiyín."

Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n bíi pé wọ́n da epo pupa sí i. Ìlà lórí ìlà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n to àwọn iṣẹ́ tó bá a mu: òwò ẹja, òwò ọṣẹ, òwò ìgbín. Oyèlárán mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rántí ọmọ tó ra ti ọṣẹ, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dín owó kù.

"Ẹ ti mú iṣẹ́ àwọn ọmọ tó kàwé ṣáájú yín, ẹ dà á kọ," ni Dókítà wí. "Jíjí ìwé nìyẹn, sà. Ó ju kí ẹ kàn gba máàkì kékeré lọ. Ta ló fún yín?"

Etí Oyèlárán ń hó. Wọ́n ní ó jí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ! Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun dà á kọ, olè ni lójú wọn. Bí ó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ bí ó ṣe jẹ́ tirẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ níta fèrèsé.

"N kò dà á kọ lára wọn, mà. Èmi ni mo kọ ọ́ fún wọn."

"Fún ta ni?"

"Fún gbogbo wọn."

Dókítà Lágúnjú yọ awò ojú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Oyèlárán ti wọlé, òun náà ni ẹnu yà. Ó wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin ni Ọ̀gá Plánì?"

Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ nínú yàrá ọ́fíìsì! Èyí tún já a láyà ju ohun gbogbo lọ. Ó ti rò pé òun gbọ́n. Kò mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ti ń pe irú ìwé yẹn ní "ti Lágere" tipẹ́, pé bí wọ́n bá ti rí gbólóhùn kan báyìí nípa "ibi tó bọ́ sí ojú ọ̀nà dáadáa ní Ilé-Ifẹ̀," wọ́n ti mọ ibi tó ti wá, wọ́n sì ti gbọ́ ìnagijẹ náà, wọn kàn kò mọ ojú ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni.

"Mi ò lè fi èyí pamọ́," ni Dókítà wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo ní láti gbé e dé ẹ̀ka wa. Ṣùgbọ́n màá sọ fún wọn pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́."

Nígbà tí Oyèlárán délé, Fàrídà ń fi máàkì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, kò yọ bàtà. Obìnrin náà gbé bíró rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́ fún wọn?" ló bèèrè. "Mo rò pé títẹ̀ lẹ ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ ni."

"O ń rí wọn tí wọ́n ń wá."

"Mo ń rí wọn pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Olùkọ́ ni mí, Dádì Ayọ̀mídé. Ọmọ tó bá mú iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe wá bá mi, mo máa ń ní kí ó kúnlẹ̀." Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Àwọn ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà kò lé e. Wọ́n ní ó sọ òtítọ́, kò sì purọ́ mọ́ ẹnìkan. Wọ́n fún un ní òdo nínú ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní kí ó tún un ṣe ní ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì mú un fọwọ́ sí i pé òun kò ní kọ iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan mọ́. Bí a bá tún mú un, ó di ilé. Ó pa ìwé adìyẹ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ wá là sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti máa ń rò pé ọ̀gá atẹ̀wé ni òun, tó ń fi plánì kún un. Nígbà tí kò sí plánì mọ́, ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Orí fóònù làwọn ọmọ ti ń tẹ̀wé tiwọn. Ó lè jókòó láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun ọ̀sán, kí ó má ṣe ju fọtokọ́pì káàdì ìdánimọ̀ kan lọ.

Nígbà tí ọdún yí po, ó padà sí kíláàsì Dókítà Lágúnjú, ó jókòó síwájú, kò sì pa ọjọ́ kankan jẹ. Ó pinnu pé ṣọ́ọ̀bù òun gan-an ni òun máa kọ ètò òwò lé lórí. Olùkọ́ ti sọ fún wọn pé kí wọ́n tó kọ lẹ́tà kan, kí wọ́n jáde lọ bá àwọn tí wọ́n rò pé ó máa ra ọjà wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n má kàn bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀ gbẹ̀yìn àti iye tí wọ́n san. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé mọ́ṣáláṣí, ó wọ agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn ní Ìrẹ́mo.

Ní ọjọ́ kan, ó gba Ẹ̀núwá kọjá, níwájú ààfin, ó sì yà sídìí agboòrùn kan tí obìnrin kan ti ń fi ẹ̀rọ POS fún èèyàn lówó. Ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀. Obìnrin náà kàn ń wò ó.

"Ọ̀gá Plánì," ló wí, "ẹ ò mọ̀ mí mọ́? Kẹ́hìndé ni. Ẹ̀yin lẹ kọ plánì adìyẹ fún mi."

Oyèlárán wò yíká bóyá ẹnìkan gbọ́. "Mo rántí," ló wí, bẹ́ẹ̀ kò rántí. "Èló ni wọ́n fún ọ nígbà náà?"

"Méjìdínláàádọ́rin. Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn ní ó mọ́ tónítóní." Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí iṣẹ́ kò sí, mo gbé e jáde, mo sì fi ṣe é."

"O fi ṣe kí ni?"

"Òwò adìyẹ. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́. Mo gbé ìwé náà lọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìyá mi, wọ́n rí máàkì tó wà lára rẹ̀, wọ́n yá mi lówó. Mo ra òròmọdìyẹ. Plánì ní láti oṣù kìíní ni màá ti máa ta ẹyin." Ó ka owó fún oníbàárà kan, ó padà sí ọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, adìyẹ kì í yé ẹyin ní oṣù kìíní. Ó máa ń lọ sí bí oṣù márùn-ún kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ ní gbogbo ìgbà yẹn. Wọ́n jẹ owó náà tán kí ẹyin kan tó jáde, mo wá ń tà wọ́n ní pípa, ní ẹ̀dínwó, nígbà tí n kò rí oúnjẹ rà fún wọn mọ́."

Oyèlárán dúró síbẹ̀ nínú oòrùn. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu Dókítà Lágúnjú: láti oṣù tí ẹ ṣílẹ̀kùn lẹ ti ń ta gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, máàkì ló ń dùn ún. Kò sọ sí i lọ́kàn rí pé ẹnìkan lè gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́. Ìwé láti gba máàkì ni, kò kọ ọ́ fún ẹni tó máa fi ra òròmọdìyẹ.

"Kẹ́hìndé, kí ló dé tí o kò wá bú mi?"

"Kí n bú yín nítorí kí ni? Wọ́n ti fún un ní máàkì tó dára. Mo rò pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe." Ojú rẹ̀ kò fi ìbínú hàn rárá. "Ìyá mi ṣì ń san án fún ẹgbẹ́ díẹ̀díẹ̀."

Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ó dárí ji òun. Kẹ́hìndé ní kò sí nǹkan, ó yíjú sí oníbàárà tó kàn. Oyèlárán rìn láti Ẹ̀núwá títí dé Lágere, kò rántí wọ ọ̀kadà, àwọn tó kí i lójú ọ̀nà kò rí ìdáhùn.

Ó kọ ètò òwò náà bí ìwé tí ẹnìkan máa tìtorí rẹ̀ náwó lọ́la. Ohun tó rí níta ni pé àwọn tó ń sin òkú àgbà ló ń ní ìṣòro ìwé títẹ̀ jù, nítorí ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n máa ń fẹ́ ẹ kíákíá, àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń lọ tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn. Ó kọ orúkọ àwọn abánidíje rẹ̀ síbẹ̀, títí kan ẹnìkan ní Ṣábó tí ẹ̀rọ rẹ̀ dára ju tirẹ̀ lọ, ó sì sọ ohun tí òun lè ṣe tí onítọ̀hún kì í ṣe: òun á máa lọ sí ilé olókùú láti bá wọn yẹ orúkọ wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí orúkọ tí wọ́n bá kọ ní àṣìṣe ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàrin ẹbí. Ó ṣírò owó ní oṣooṣù. Bí ó ṣe yí i sọ́tùn-ún ló yí i sósì, owó ilé Lágere kò jáde níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún á máa pàdánù ni. Ìgbà tó gbé e lọ sí yàrá iwájú agbo ilé wọn ní Ìrẹ́mo nínú ìwé, níbi tí kò ti ní san owó ilé, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fẹ́ balẹ̀, síbẹ̀ náà, ó ṣì ń pàdánù títí di oṣù kẹfà.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà nígbà tó fẹ́ fi í ránṣẹ́. "Ta ló ń kọ ọ́ fún olùkọ́ pé òun máa pàdánù?" ló bi Fàrídà.

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ wá jẹun."

Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n fún un. Ó tún pa fóònù, ó tún un ṣí bíi ti àkọ́kọ́, nítorí kò gbà á gbọ́. Ó lọ bá Dókítà Lágúnjú, kò lọ bínú lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn fẹ́ mọ ibi tí ìyókù lọ.

"Apá ọjà dára gan-an," ni Dókítà wí. "Bí ẹ ṣe sọ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn náà, mo gbọ́ ohùn wọn. Mo sì lè tẹ̀lé owó yín láti oṣù kan dé èkejì, iye tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ló wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀ láti sọ ohun tí ẹ máa ṣe bí bébà bá wọ́n sí i. Iye kan náà lẹ fi rà á fún ọdún méjì. Ẹ tún ní ẹ̀yin nìkan lẹ máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí àìsàn bá dá yín dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń sìnkú mẹ́ta ńkọ́?"

"N kò rò ó débẹ̀, mà."

"Ibẹ̀ ni mo ti yọ máàkì."

Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Lágere nígbà tí owó ilé parí. Ní oṣù kẹrin tó dé Ìrẹ́mo, bébà wọ́n lóòótọ́, kò sì tíì rí owó kó sápò ní oṣù kẹfà tó kọ sínú ìwé. Oṣù kẹjọ ti ń parí lọ kí ó tó rí èyí tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, kò sì pọ̀. Fàrídà ló ń ra oúnjẹ ilé láàrin ìgbà náà, kò sì sọ ọ́ síta.

Ní ti Kẹ́hìndé, Oyèlárán máa ń yà kí i bí ó bá gba Ẹ̀núwá kọjá. Nígbà kan ó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá Kẹ́hìndé nínú ẹgbẹ́, wọ́n dá a padà pẹ̀lú ọpẹ́. Kẹ́hìndé kì í bínú sí i. Á dáhùn ìkíni rẹ̀, á bèèrè ọmọ, á bèèrè iṣẹ́. Oyèlárán á sì máa lọ, á máa ro gbèsè tí ìyá Kẹ́hìndé ṣì ń san títí ó fi máa kọjá ẹnu ọ̀nà ààfin.